Wọ́n Ní Kì Í Wẹ̀ Dáadáa, Àṣé Ṣúgà Ló Wà Lára Ẹ̀! Òótọ́ Ọ̀rọ̀ Nípa Ìgbọ̀nwọ́, Orúnkún Àti Abíyá Tó Dúdú

Léèsì aláwọ̀ ewé ni wọ́n mú fún ìgbéyàwó náà, wọ́n sì ní kí gbogbo obìnrin inú ẹbí rán an ní ọwọ́ péńpé. Inú gbogbo wọn ló dùn, àfi ẹni tó fẹ́ bá wọn rán an. Aránṣọ ni obìnrin yìí ní àdúgbò Mókọ́lá n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 41 ni, ó sì ti tó ọdún 20 tó ti ń jókòó nídìí máṣíìnì. Ó rán aṣọ gbogbo wọn ní ọwọ́ péńpé bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Nígbà tó kan tiẹ̀, ọwọ́ gígùn ló rán, ó gùn dé ọrùn ọwọ́.

Wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní òtútù ń mú òun. Òtútù wo ló wà n'Íbàdàn nínú oṣù kẹta?

Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló ń pa mọ́. Méjèèjì ló dúdú bí ìdí ìkòkò, ó le, ó sì rí gbárakọ̀gbárakọ̀ débi pé léèsì máa ń há a lára tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Oníbàárà kan ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin kì í fọ ìgbọ̀nwọ́ yín ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò dénú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi kànìnkànìn ha ìgbọ̀nwọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná.

Bó ṣe ń ha á tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dúdú sí i.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ nídìí ààrò ẹja, ẹni tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì níbi tó ti ń dúró de oníbàárà, bíríkìlà tó ń fi orúnkún tẹ ilẹ̀ nígbà tó bá ń lẹ táìsì, gbogbo wọn ló mọ ohun tí à ń wí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni ìdí tí awọ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ ìdí ọ̀rọ̀, oògùn tí yóò pa á lára ni yóò rà.

AWỌ Ń DÁÀBÒ BO ARA RẸ̀ NI

Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ di ọkọ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ibi tó lé yẹn ti yi, ó ti nípọn, ọkọ́ kò sì rí i ṣe mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún awọ pé kó nípọn. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ pé nǹkan kan ń fi òun ha, ló bá kọ́ odi sí i.

Bákan náà gẹ́lẹ́ ló rí ní ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún. Awọ èèyàn wà ní ìpele ìpele. Ìsàlẹ̀ ni awọ tuntun ti ń hù, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, bó bá sì fi máa dé òkè, ó ti kú, á wá máa re dànù láìjẹ́ pé a mọ̀. Ìrìn àjò yìí tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún ọ̀dọ́, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àgbà bá ti ń dé. Ṣùgbọ́n níbi tí nǹkan bá ti ń ha awọ tàbí tí ó ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, awọ tuntun á máa hù kíákíá ju bí ti àtijọ́ ṣe ń re lọ. Òkú awọ á wá máa tò lé ara wọn bí pákó tí wọ́n tò sí ṣọ́ọ̀bù pákó. Ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi ń nípọn.

Dídúdú rẹ̀ ńkọ́? Nínú awọ olúkúlùkù wa ni aró kan wà, òun ló ń jẹ́ kí dúdú wa dúdú. Bí awọ bá ti ń rí ìyà, yálà wọ́n ń ha á ni, tàbí ó ń jóná, tàbí ó ń yún èèyàn tó sì ń họ ọ́, ńṣe ló máa ń tú aró yìí jáde sí i. Ara dúdú sì máa ń tú u jáde ju ara òyìnbó lọ. Kí aró pọ̀, kí òkú awọ tún tò lé e lórí, kí ibẹ̀ tún gbẹ nítorí pé ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún kò ní òróró ara púpọ̀ bí ojú, àbí ẹ ò rí i pé kò lè ṣe kó má dúdú?

Ohun tí dókítà awọ tó rí aránṣọ wa ní ilé ìwòsàn ìjọba kan sọ fún un nìyí. Obìnrin náà kọ́kọ́ fẹ́ gbèjà ara rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń wẹ̀ lójúmọ́ o!"

Dókítà ní, "Mo mọ̀, mà. Wíwẹ̀ yín gan-an wà lára ohun tó fà á."

Ó ní kó fi bó ṣe máa ń jókòó nídìí máṣíìnì han òun. Obìnrin náà na ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì dókítà. Ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ló fi tẹ igi tábìlì náà. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́, fún ogún ọdún! Igi ń tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, kànìnkànìn ń ha á láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìgbà wo ni awọ fẹ́ sinmi?

ÌPARA ÀPÒPỌ̀ TÓ FẸ́RẸ̀Ẹ́ BA Ọ̀RỌ̀ JẸ́

Kí obìnrin yìí tó dé ilé ìwòsàn, ó ti kọ́kọ́ ya ibòmíràn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń po ìpara nínú ọjà. Wọ́n bu èyí, wọ́n bu tọ̀hún, wọ́n fi pátákó rò ó pọ̀ nínú ike funfun. Kò sí orúkọ lára ike náà, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí nǹkan kan tó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n ṣáà ní ọjọ́ méje ni yóò fi ṣiṣẹ́.

Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí wọ́n rán an sí. Apá obìnrin náà mọ́, ó pọ́n rokoṣo. Ìgbọ̀nwọ́ tó tìtorí ẹ̀ rà á dúró síbẹ̀, ó sì wá dúdú kọjá ti tẹ́lẹ̀ nítorí pé gbogbo àyíká rẹ̀ ti fun. Ta ni kò tíì rí irú rẹ̀ ní ìgboro? Ojú á pọ́n bí Fáńtà, orí ìka ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún á dúdú bíi Kóòkì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1976 ni Fẹlá Aníkúlápó Kútì ti gbé àwo "Yẹ́lò Fífà" jáde nítorí àwọn tó ń bóra, síbẹ̀ lọ́dún 2023, àjọ NAFDAC ṣì tún ní láti pariwo síta pé ọ̀rọ̀ ìpara tó ń bóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì ní Nàìjíríà.

Ohun mẹ́ta ló máa ń wọ́pọ̀ nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀. Èkíní ni haidirokuínóònù. Bí èèyàn bá pa á pẹ́, ó lè yí padà kó máa sọ ibi tí wọ́n ń pa á sí di dúdú aláró, dúdú tí ọwọ́ dókítà pàápàá kì í sábà ká mọ́. Èkejì ni oògùn tí wọ́n ń pè ní sìtẹ́rọ́ìdì. Dókítà máa ń fúnni lóòótọ́, fún ọjọ́ tó níye, fún àìsàn tó ní orúkọ. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ìpara ojoojúmọ́, awọ rẹ̀ á tín-ín-rín bíi bébà, ara á máa là, egbò kékeré kò sì ní í tètè jiná. Ẹ̀kẹta ni mẹ́kúrì, májèlé ni. Ó ń gba inú awọ wọlé lọ bá kíndìnrín, ó sì lè pa ọmọ inú aboyún lára.

Báwo lèèyàn ṣe máa dá a mọ̀? Bí ìpara kò bá ní ìwé tó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá rí "kálómẹ́lì" tàbí "mẹ́kúríò" lára rẹ̀, mẹ́kúrì náà ni. Bí ìwé ara rẹ̀ bá sì kìlọ̀ pé kí ó má ṣe kan góòlù, fàdákà tàbí ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ fura gidigidi, nítorí mẹ́kúrì máa ń ba góòlù jẹ́. Ohun tó lè ba góòlù jẹ́, kí ni yóò fi awọ èèyàn ṣe?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni aránṣọ wa fi pa tiẹ̀ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni fi ata pa á. Ibẹ̀ ló ti sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní orí ló kó o yọ, torí pé kò tíì pẹ́.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí: ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń ní kí ẹ fi pa ìgbọ̀nwọ́ àti abíyá, ẹ má dán an wò. Omi rẹ̀ kan, ó ń jó awọ, bí oòrùn bá sì pa ibi tó kàn, ó lè lé ròrò, kó sì fi àmì dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Oúnjẹ ni ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ fún un sínú àgbo tàbí sórí ẹja. Ọṣẹ ìfọyín, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun àti yanrìn pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sára.

OHUN TÍ AWỌ Ń FẸ́: ÌSINMI, OMI ÀTI ÒRÓRÓ

Ìtọ́jú tí dókítà fún obìnrin náà kò la ariwo lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó ní kó ṣe, owó kékeré ni: kó ra fóòmù tó nípọn tó ìka méjì, kó fi aṣọ òwú bò ó, kó so ó mọ́ etí tábìlì máṣíìnì níbi tí ìgbọ̀nwọ́ ń gbé. Kó sì ju kànìnkànìn náà nù, ìyẹn ni pé kó má fi kan ìgbọ̀nwọ́ mọ́. Dókítà ní bí kò bá ti ṣe méjèèjì yìí, gbogbo ìpara ayé kò lè ràn án lọ́wọ́, torí pé ńṣe ni yóò dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tí kò dí ihò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, omi àti òróró nìkan ni. Lálaalẹ́, bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, á bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ sínú abọ́, á ki ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi náà kò gbọdọ̀ gbóná, torí omi gbígbóná ń fọ òróró ara dànù. Á fi ọṣẹ tí kò mú àti àtẹ́lẹwọ́ tàbí aṣọ ìnura tó rọ̀ fọ ọ́, á fi aṣọ rọra tẹ omi ara rẹ̀ láì nù ún le. Kí ó tó gbẹ tán, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, á ti bu òrí tó tó ẹ̀pà kan fún ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan, á sì rà á sí i. Ẹni tí kò bá rí òrí, fasilíìnì lásán náà ṣe é. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe nìyí: wọ́n á jẹ́ kí ara gbẹ pátápátá kí wọ́n tó pa òrí. Òrí kì í bu omi sí ara, ńṣe ló ń dé omi tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má bàa lọ. Bí omi bá ti lọ, kí ló fẹ́ dé?

Ó gé ìsàlẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan, ó ń fi bọ ìgbọ̀nwọ́ sùn kí òrí má bàa nù sí ibùsùn. Láàárọ̀, á tún fi òrí díẹ̀ ra á kó tó jáde.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni dókítà fi ìpara kan kún un, èyí tí wọ́n ń pè ní yúríà, ìdá 10 nínú 100. Ó wà ní ilé ìtajà oògùn tó ní àpótẹ́kárì gidi. Yúríà kì í bóra. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń fa omi sínú awọ, ó sì ń tú òkú awọ tó lẹ̀ mọ́ra wọn kó lè máa re fúnra rẹ̀. Kí obìnrin náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kó fi díẹ̀ kan inú apá, kó dúró fún ọjọ́ méjì kó wò ó bóyá yóò yún un. Kò yún un. Ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ ló ń pa á, lẹ́yìn tó bá ti rẹ ìgbọ̀nwọ́ tán, òrí á wá tẹ̀ lé e. Wọ́n ní bó bá ta á, kó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n sì ní kó má pa á sí ibi tó bá la tàbí tó bá bó.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò há aṣọ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì dúdú bákan náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ̀rètí nù. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe yẹ kó rí, nítorí líle ló máa ń kọ́kọ́ lọ kí dídúdú tó tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àwọn ìlà tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ ti ń hàn, ti tẹ́lẹ̀ ti dí pa. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, èèyàn ní láti sún mọ́ ọn dáadáa kó tó mọ̀ pé ibẹ̀ fi díẹ̀ dúdú ju apá rẹ̀ lọ.

Fífi díẹ̀ dúdú yẹn kò ní í lọ, kò sì yẹ kó lọ. Kò sẹ́ni tí orúnkún rẹ̀ bá ikùn rẹ̀ mu rẹ́gí. Ẹni tó bá ń wá ìyẹn ló ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn alápòpọ̀.

Ti orúnkún kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́, kó fi ìrọ̀rí pẹlẹbẹ tàbí àpò tó ká sí mẹ́rin sábẹ́ orúnkún. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ gbàdúrà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kíkúnlẹ̀ kí àgbà kò lè ba orúnkún jẹ́, kí ọmọ kankan má fi ṣe àwáwí! Ìṣẹ́jú àáyá ni. Kíkúnlẹ̀ fún wákàtí lórí sìmẹ́ǹtì ni ọ̀ràn wà.

ABÍYÁ KÌ Í ṢE ÌGBỌ̀NWỌ́

Ẹ má gbé ìtọ́jú ìgbọ̀nwọ́ lọ sí abíyá o. Awọ abíyá tín-ín-rín, ó ká, òógùn sì wà níbẹ̀. Ohun tí ìgbọ̀nwọ́ gbà lè jó abíyá. Yúríà tí à ń wí yẹn kì í ṣe tibẹ̀.

Ohun tó máa ń sọ abíyá di dúdú jù ni abẹ fífá àti ìpara tàbí ọtí olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi sí i lẹ́yìn fífá. Ẹni tó bá fá a gbígbẹ, pẹ̀lú abẹ tó ti kú, tó ń fá a lòdì sí bí irun ṣe hù, ńṣe ló ń ha awọ pọ̀ mọ́ irun. Bó bá tún wá fi lọ́fíńdà sí i lójú ẹsẹ̀, ó ń ta á, awọ á tú aró jáde. Bó ṣe ń dúdú nìyẹn, lọ́ṣẹ̀ lọ́ṣẹ̀, láì mọ̀.

Ọ̀nà ìrọ̀rùn ni kí èèyàn fi sísọ́ọ̀sì gé irun rẹ̀ kúrú dípò fífá. Ẹni tó bá fẹ́ fá a, kó ṣe é lálẹ́, kó fi omi àti ìfófòó ọṣẹ rẹ irun náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó lo abẹ tuntun, kó fá a síbi tí irun kọjú sí. Kó má fi nǹkan olóòórùn kankan sí i títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tí lọ́fíńdà rẹ̀ bá ń yún, kó yí i padà sí èyí tí kò ní òórùn. Aṣọ òwú tí abíyá rẹ̀ kò fún ló dára jù. Oṣù méjì sí mẹ́ta lèèyàn á fi máa wò ó.

Bó bá ń yún, tí etí rẹ̀ rí roboto bí òrùka, ó lè jẹ́ làpálàpá, oògùn tiẹ̀ sì yàtọ̀. Bí ìgbọ̀nwọ́ tàbí orúnkún bá ń hó bí ìpẹ́ ẹja funfun, tó sì ń pọ́n lábẹ́, òun náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrí. Kí ẹni náà lọ rí dókítà.

ỌRÙN TÍ KÀNÌNKÀNÌN KÒ LÈ FỌ̀ MỌ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá di ńlá nìyí. Aránṣọ wa ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ọdún 49, tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Abíyá ẹ̀gbọ́n yìí dúdú, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ náà sì dúdú yíká bí ẹni so ọ̀já dúdú mọ́ ọrùn. Ojú rẹ̀ rí bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ pé ẹlẹ́gbin ni, pé kí ló dé tí kì í wẹ ọrùn. Obìnrin náà ti fi kànìnkànìn fọ ọ́ títí tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Kò tiẹ̀ lọ sóde mọ́ láì ta ìborùn.

Nígbà tó rí bí ìgbọ̀nwọ́ àbúrò rẹ̀ ṣe ń bọ̀ sípò, ó ní kó fún òun nínú ìpara náà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àbúrò kò fún un. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Dókítà ní kí n má fi fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Dókítà fi ìka kan ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò le, kò sì há ọwọ́ bíi ti ìgbọ̀nwọ́ àbúrò. Ó rọ̀, ó nípọn, ó sì rí múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán. Àwọn ẹran kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́ sì so mọ́ ọn. Dókítà kò bi í léèrè ọṣẹ tó fi ń wẹ̀. Ohun tó bi í ni pé, "Mà, ta ló ní ìtọ̀ ṣúgà nínú ẹbí yín?"

Ìyá wọn ni. Òun ló sì pa á.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú ara ni omi kan wà tó ń jẹ́ ínsúlíìnì, òun ló ń ti ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ sínú ara. Bí ara bá ti ń ya aláìgbọràn sí i, pàápàá fún ẹni tó sanra ní ikùn, ara á máa tú ínsúlíìnì jáde lọ́pọ̀ yanturu kí iṣẹ́ lè ṣe. Ínsúlíìnì tó pọ̀ jù yìí ló ń sọ fún awọ ọrùn, abíyá àti ìtan pé kó máa hù, kó máa nípọn. Nítorí náà, dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Lẹ́tà ni, láti inú ara sí ẹni tó ni ara. Ó sì lè dé kí ìtọ̀ ṣúgà tó dé, tí àyè àtúnṣe ṣì wà. Ọmọdé tó sanra pàápàá lè ní in, kí ẹ má fi ẹgba lé e lọ sí balùwẹ̀.

Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n má jẹun láti alẹ́, kó wá láàárọ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní orí ìka. Ẹni tí kò jẹun mọ́jú, ṣúgà rẹ̀ kò yẹ kó tó 100 lára ẹ̀rọ. Láti 100 dé 125, ó ti ń lọ síbẹ̀. Bó bá tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìtọ̀ ṣúgà ni. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó jẹ́ pé 7.0 ló ń kọ dípò 126, nǹkan kan náà ni. Ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ 148. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó jẹ́ 151.

Ó bú sẹ́kún. Kò mọ̀ rárá. Kò sí ibi tó ń dùn ún. Ọrùn rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀gbin ni gbogbo èèyàn sì kà á sí.

Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì ní kó dín àmàlà tó ń jẹ kù sí ìwọ̀n ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ, kó fi mínírà sílẹ̀, kó sì máa fi ẹsẹ̀ rin ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́. Wọn kò fún un ní ìpara kankan fún ọrùn, àfi fasilíìnì. Ó wọn kìlógíráàmù 92 lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù méje, ó wọn 84. Ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 112, àrán ọrùn rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́. Kò tíì lọ tán, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ ìborùn.

Bí dúdú bí àrán yìí bá dé wàràwàrà lára ẹni tó ti dàgbà, tí ẹni náà sì ń rù láìnídìí, ìyẹn tún yàtọ̀. Kó má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, torí ó lè jẹ́ àmì àìsàn ńlá nínú ikùn.

Ó ku ẹnì kan. Ọkọ ẹ̀gbọ́n, ẹni tó pè é ní ẹlẹ́gbin, bá a lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kẹta. Dókítà wo ẹ̀yìn ọrùn tiẹ̀ náà, ó ní kó jókòó, kó na ìka rẹ̀. 119 ló jáde lára ẹ̀rọ. Bàbá dákẹ́ lọ gbári. Àwọn méjèèjì ló jọ ń rìn ní ìdájí báyìí.

Àbúrò ńkọ́? Ayẹyẹ mìíràn ti dé nínú ẹbí, àǹkárá ni wọ́n mú. Ọwọ́ péńpé ló rán.